Ojú Owó Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń ṣàlàyé òfin owó orí tuntun lórí rédíò fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra kírípítò tí wọ́n sì ń tà á. Ó dé orí bí a ṣe ń ṣírò èrè ẹni tó ra ọjà lẹ́ẹ̀mẹta tó wá tà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ìlànà ibẹ̀ ni "àkọ́kọ́ nínú, àkọ́kọ́ níta." Àkọ́kọ́ nínú kí ni? Ta ló wà níta? Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò rẹ̀ yóò rò pé àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì ni wọ́n ń bá wí. Kò sì tíì tán: kí ètò tó parí, ó tún ní gbogbo owó tó bá wọlé lẹ́yìn títà ni èrè wa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kàn ta mí létí ni. Ìkejì yìí lè jẹ ẹni tó bá gbà á gbọ́ lówó.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Èdè tó ní àkọ́bí, tó ní àkọ́so, tó ní àkọ́rọ̀ òjò, kò yẹ kó máa wá "àkọ́kọ́ nínú" kiri. Àkọ́rà ni àkọ́tà: ọjà tí a kọ́kọ́ rà ni a ó kà sí èyí tí a kọ́kọ́ tà. Kò sí olùrakòkó kan ní Òkèlùsẹ̀ tí ẹ máa sọ ọ́ fún tí yóò ní kí ẹ tún un sọ. Àpò kòkó tó kọ́kọ́ wọ ilé ìkẹ́rù ló ní láti kọ́kọ́ jáde, torí pé èyí tó bá pẹ́ jù nílẹ̀ yóò bu, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ lójú ayẹkòkówò. Ṣùgbọ́n kírípítò kì í bu. USDT tí ẹ rà lọ́dún 2023 àti èyí tí ẹ rà lánàá rí bákan náà, ẹ kò lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà inú ìwé nìkan ni àkọ́rà ti ń ṣáájú jáde. Ìlànà ìṣirò ni, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ń rú àwọn ènìyàn lójú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àlámọ̀rí yìí ni èyí tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ dárúkọ: ojú owó. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń gbàgbé rẹ̀. "Kápítà" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé a kò lórúkọ tí a fi ń pè é kí òyìnbó tó dé.

Ẹ wo bí ojú ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú ogun ni ibi tí ogun gan-an wà, ojú ọjà ni ibi tí rírà àti títà ti ń ṣẹlẹ̀, ojú odò ni ibi tí omi wà. Ojú owó, bákan náà, ni owó gan-an, èyí tí gbogbo nǹkan yòókù ń wá lé lórí. Ìyẹn ni èlé fi jẹ́ èlé: ó lé sórí nǹkan. Àwọn baba wa kì í da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó yá owó tó sì fi ọmọ rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó dúró fún èlé nìkan. Ó lè ṣiṣẹ́ lọ́dún mẹ́wàá, ojú owó kò yingin. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó iye tí wọ́n yá wá pé pérépéré ni ìwọ̀fà bọ́. Ìlànà náà le, ó sì korò, àmọ́ ẹ kò ní rí ẹni tó gbé láyé ìgbà náà tó máa ṣi ojú owó mú fún ohun tó lé lórí rẹ̀. Títí di òní, ìyá tó ń tajà lọ́jà Ọ̀wọ̀ lè sọ fún yín pé ọjà òun kò mú ojú owó rẹ̀ dé. Ohun tó ń sọ ni pé òun tajà lóòótọ́, owó sì wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò jèrè.

Ó dáa, ká wá ṣírò. Ká ní ọmọkùnrin kan ní Òkèlùsẹ̀ ra 200 USDT níbẹ̀rẹ̀ 2023, ní 750 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan: 150,000 náírà. Níbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ra 300 sí i, ní 1,200 náírà: 360,000. Níbẹ̀rẹ̀ 2025 ó tún ra 100, ní 1,650 náírà: 165,000. Ó ní 600 lápapọ̀, ojú owó rẹ̀ sì jẹ́ 675,000. Lọ́dún 2026 ó ta 350, ká ní 1,500 náírà ló tà á. 525,000 náírà wọlé.

Tí a bá tẹ̀ lé rédíò, èrè rẹ̀ ni 525,000. Tí a bá tẹ̀ lé àkọ́rà ni àkọ́tà, a ó kọ́kọ́ kó 200 ti 2023 jáde tán, ojú owó wọn jẹ́ 150,000. Ó ku 150 kí 350 tó pé, a ó mú wọn nínú èyí tó rà ní 2024, ojú owó wọn jẹ́ 180,000. Àpapọ̀ ojú owó ohun tó tà jẹ́ 330,000. Èrè rẹ̀ ni 195,000. Ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ni 150 tó rà ní 1,200 àti 100 tó rà ní 1,650, wọn kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ra.

Bó bá jẹ́ pé èyí tó rà gbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ kó jáde, èrè yẹn ì bá jẹ́ 60,000 péré, torí pé ọ̀wọ́n ló rà á. Àwọn ọlọ́gbọ́n àgbékà á ní ẹ ò rí i, kó yáa lo ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó fi àkọ́rà ni àkọ́tà ta ìyókù ná. Ó ta 200 mìíràn ní 1,500, 300,000 wọlé. 150 ti 1,200 ló kọ́kọ́ jáde, 50 ti 1,650 sì tẹ̀ lé e. Ojú owó wọn jẹ́ 262,500, èrè jẹ́ 37,500. Ó wá ta 50 tó kẹ́yìn ní 1,500, ohun tó rà ní 1,650: ó pàdánù 7,500. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 195,000 àti 37,500, ẹ yọ 7,500 kúrò, 225,000 ni. Gbogbo owó tó wọlé jẹ́ 900,000, ojú owó jẹ́ 675,000, ìyàtọ̀ wọn náà ni 225,000. Ìlànà yòówù kó lò, nígbà tí gbogbo ọjà bá tán, èrè kan náà ló máa bá. Ọdún tí èrè yóò hàn nìkan ni ìlànà ń yí. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá mú ìlànà kan fi gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ẹni tó bá ń fò látorí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì yóò yọ ojú owó kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì gbàgbé òmíràn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tó ń dùn mí níbẹ̀. USDT jẹ́ dọ́là kan nígbà tó rà á, dọ́là kan náà ló jẹ́ nígbà tó tà á. Kò jèrè dọ́là kankan. Náírà ló rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìrọ̀sílẹ̀ náírà yẹn la sì ń pè ní èrè. Mo ti wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un títí, mi ò rí. Nínú ìwé tí a fi náírà kọ, èrè ni, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni ìgbà tí ènìyàn bá gbé kírípítò rẹ̀ láti àpò kan sí àpò rẹ̀ mìíràn. Ìyẹn kì í ṣe títà. Ojú owó àti ọjọ́ tó rà á bá a lọ. Ṣùgbọ́n bó bá fi USDT pààrọ̀ bitikọ́ìnì, ó ti tà á nìyẹn, bí náírà kankan kò tilẹ̀ kàn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé yín tọ̀nà, ẹ ka iye tó ṣẹ́ kù nínú ìrà kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ fi wé ohun tí àpò ń fi hàn. Lẹ́yìn títà àkọ́kọ́ ọmọkùnrin wa, 250 ló yẹ kó bá níbẹ̀. Tó bá bá 300, ìrà kan wà tí kò kọ sílẹ̀, ó sì ti sọ ojú owó rẹ̀ nù.

Lórí "owó orí," mo ti gba kámú. Orí ènìyàn ni wọ́n ń kà láyé ọjọ́un kí wọ́n tó gbà á, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí ló wá kan orí pẹ̀lú USDT? Ilé iṣẹ́ tí kò lórí ń san án, ọjà tí a kò lè fọwọ́ bà ń san án. Ìlò àìbìkítà ti borí, èmi náà sì ń lò ó. Ọdún 2023 ni òfin Nàìjíríà sọ ọ́ gbangba pé irú dúkìá yìí wà lára ohun tí a ń san owó orí lé bí ó bá mú èrè wá, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, òfin tuntun ti da èrè ẹni kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ owó tó ń wọlé fún un lọ́nà yòókù, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú ọdún kò sì ní owó orí. Nínú òfin ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, orí èrè ni owó náà wà. Ẹni tí kò bá lè fi ojú owó rẹ̀ hàn ni yóò máa san án lórí gbogbo ohun tó tà.

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, bí ẹ kò bá ti sọ ṣáájú títà èyí tí ẹ fẹ́ tà, àkọ́rà ni àkọ́tà ni wọn yóò fi ṣírò fún yín, láti 2025 sì ni a ti ń ṣe é ní àpò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi ìṣirò òkè yìí ránṣẹ́ sí agbowó orí yín. Àròpọ̀ gbogbo ìrà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọn á pín ojú owó rẹ̀ dọ́gba, àyàfi ohun tí ẹ bá rà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ tà, tàbí láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀.