Èwo Ni Kí O Rà Nínú Ìńṣọ́ránsì Ọkọ̀ Méjì

Ìbarà, Abẹ́òkúta

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Ìwé méjèèjì tí o fi rán àbúrò rẹ dé ọwọ́ mi. Tẹ́ẹ̀dì pátì ni ọ̀kan, ₦15,000 lọ́dún. Kọ̀ǹpírẹ́ǹsíìfù ni èkejì, ₦300,000 lọ́dún, lórí Kòrólà rẹ tó ń tó ₦6,000,000 lọ́jà báyìí. O ní àwọn ará ọ́fíìsì yín ní Òkè-Mosàn ń sọ pé ẹni tó bá fi ₦285,000 lé tẹ́ẹ̀dì pátì ti sọ owó nù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé o kọ gbogbo ohun tó ti ṣe ọkọ̀ náà láti 2021 sílẹ̀, nítorí òun gan-an ni a máa fi ṣírò. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì, ọ̀pọ̀ tó ń wá bá wa kì í rántí ju ìjàǹbá tó dùn wọ́n jù lọ.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí owó wọ̀nyí ti wá. NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìńṣọ́ránsì, ló gbé tẹ́ẹ̀dì pátì ọkọ̀ àdáni kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023. Àwọn náà ló ní kọ̀ǹpírẹ́ǹsíìfù kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, bó ti wù kí ẹ̀dínwó pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun lè bá ọ ṣe é ní ₦100,000 lórí ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà, má dá a lóhùn.

Tẹ́ẹ̀dì pátì kì í tún ọkọ̀ tìrẹ ṣe. Ẹni tí o bá ṣe léṣe àti ohun ìní ẹlòmíràn tí o bá bàjẹ́ ló wà fún, ti ohun ìní yẹn kò sì kọjá ₦3,000,000. Bí o bá wọ inú jíìpù olówó ńlá ní Kútọ̀, tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún, àpò rẹ ni mílíọ̀nù méjì yóò ti jáde. Kọ̀ǹpírẹ́ǹsíìfù ní èyí nínú, ó wá fi ọkọ̀ tìrẹ kún un: ìkọlù, iná, olè. Ṣùgbọ́n ìwé tìrẹ sọ pé nínú àdánù kọ̀ọ̀kan, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì ní dín ní ₦25,000. Ẹ́síẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní ojú ewé kẹta, níbi tí wọ́n ti kọ lẹ́tà wínníwínní.

Ó wá kan àkọsílẹ̀ rẹ. Ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọlọ́kadà ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ ní Pánṣẹ́kẹ́ ní 2021, pánẹ́bítà àti onípéńtì gba ₦45,000. Ní 2023 o fi iwájú kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn, bọ́ńpà àti iná tìrẹ jẹ́ ₦110,000. Ní 2024 o ra bátìrì àti ṣọ́kì. Ní 2025 òkúta fọ́ gíláàsì iwájú, ₦180,000.

Yọ bátìrì àti ṣọ́kì kúrò. Ohun tó gbó kì í ṣe ìjàǹbá, kò sí ìńṣọ́ránsì kankan nínú méjèèjì tó máa san án. Yọ àtúnṣe ọkọ̀ ẹni tí o kọlù náà kúrò, nítorí ìwé méjèèjì ló máa san ìyẹn, kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ohun tó kù ni kí o má fi owó àtijọ́ ṣírò. Pánẹ́bítà tó gba ₦45,000 ní 2021 kò ní gbà á lónìí. Mo rán ènìyàn lọ bèèrè ní Lafẹnwá: iṣẹ́ ti Pánṣẹ́kẹ́ yẹn yóò tó ₦120,000 báyìí, ti bọ́ńpà yóò tó ₦200,000. Fi gíláàsì kún un, ó di ₦500,000 láàrin ọdún márùn-ún, ìyẹn ₦100,000 lọ́dún.

Bí o bá wà lórí tẹ́ẹ̀dì pátì, ọdún kan yóò ná ọ ní ₦15,000 àti ₦100,000 àtúnṣe, àpapọ̀ ₦115,000. Lórí kọ̀ǹpírẹ́ǹsíìfù, ẹ́síẹ̀sì ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin ọdún márùn-ún jẹ́ ₦15,000 lọ́dún; fi ₦300,000 kún un, ó di ₦315,000. Ìyàtọ̀ gidi kì í wá ṣe ₦285,000 mọ́. ₦200,000 ni.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dúró, tí wọ́n á ní tẹ́ẹ̀dì pátì ló borí. Àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún lè sọ bí bọ́ńpà ṣe ń fọ́ fún ọ, torí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra ni. Kò lè sọ nǹkan kan nípa olè. Pé wọn kò tíì jí ọkọ̀ rẹ kò túmọ̀ sí pé ewu olè jẹ́ òdo. Bí ọkọ̀ bá sọnù, ilé iṣẹ́ náà yóò yọ ìdá mẹ́wàá, wọn á san ₦5,400,000 fún ọ. Pín in sí ₦200,000, ó jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn ni pé bí ọ̀kan nínú ọkọ̀ 27 tó ń rìn bíi tìrẹ bá ń sọnù tàbí ń bàjẹ́ kọjá àtúnṣe lọ́dọọdún, ọgbọọgba ni ìwé méjèèjì. Èrò tèmi ni pé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tí o ń gbà láti Aṣérò sí Òkè-Mosàn. Lórí ìṣirò lásán, ilé iṣẹ́ ni yóò jèrè díẹ̀ lára rẹ, inú èrè yẹn ni wọ́n sì ti ń san owó òṣìṣẹ́ wọn.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́ǹsíìfù ni mo ní kí o rà lọ́dún yìí. O sọ fún mi pé gbèsè kọ́ọ́pù tí o fi ra ọkọ̀ náà ṣì ku ₦2,400,000. Bí wọ́n bá jí i lọ́la, kọ́ọ́pù yóò máa gé owó oṣù rẹ lórí ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀, o kò sì ní ohun tí o fi máa ra òmíràn. ₦200,000 yóò dùn ọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọ ṣubú bí ti mílíọ̀nù mẹ́fà. Bí gbèsè yẹn bá tán, tí o sì ní owó ọkọ̀ mìíràn ní báǹkì, tún ìṣirò yìí ṣe. Tẹ́ẹ̀dì pátì lè wá tọ́ sí ọ nígbà náà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà ọ́ níyànjú pé kí o pe ọkọ̀ náà ní mílíọ̀nù mẹ́ta kí owó lè dín sí ₦150,000. Bí iye tí o pè bá jẹ́ ìdajì iye tó tó lọ́jà, ìdajì àdánù ni wọ́n lè san, àní lórí bọ́ńpà.

Bi wọ́n léèrè nípa àgbàrá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpírẹ́ǹsíìfù kì í ka ìkún omi mọ́ ọn àyàfi tí a bá san owó lé e. O rántí ohun tí omi ṣe ní Abẹ́òkúta níbí ní oṣù keje 2018. Bí wọ́n bá ní kò sí nínú rẹ̀, bèèrè iye tí wọn yóò gbà láti fi sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Lẹ́yìn tí o bá sanwó, tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ sí askniid.org kí o rí i pé orúkọ ilé iṣẹ́ náà jáde. Bí kò bá jáde, padà lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì, kí o tó tún gbé ọkọ̀ jáde.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ