Lẹ́tà sí Olóòtú Jọ́nà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń bá jọ́nà yẹ àpilẹ̀kọ wò tipẹ́. Bí ẹ bá kọ̀wé lórí egúngún, ẹ má da àṣamọ̀ yín kọ sínú lẹ́tà tí ẹ fi ń fi àpilẹ̀kọ náà ránṣẹ́; olóòtú ti ní ìyẹn lọ́wọ́. Ojú ewé kan tó. Ẹ fi gbólóhùn méjì sọ ohun tuntun tí ẹ rí: ká ní àwọn obìnrin ìdílé kan ní Ọ̀yọ́ ló ń ra aṣọ tí wọ́n ń rán mọ́ ẹ̀kú bàbá wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í wọ ìgbàlẹ̀. Ẹ sọ pé àpilẹ̀kọ náà kò sí níwájú jọ́nà mìíràn.

Ẹ wá sọ ẹni tó fún yín láyè, ì báà ṣe Alágbàáà tàbí olórí ìdílé, àti ohun tí ẹ fò nítorí awo. Bí ẹ bá dákẹ́ lórí ìyẹn, olùyẹ̀wò á rò pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni.