Ṣéènì Rúùlù: Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí Inú Àkámọ́ Ń Dà Láàmú

Ṣéènì rúùlù ni ọ̀nà tí a fi ń wá ìwọ̀n ìyípadà nígbà tí iṣẹ́ ìṣirò kan bá wà nínú òmíràn. Bí ìbéèrè bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá dy/dx fún y = (x² + 1)³, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ti inú àkámọ́ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀: x di x² + 1. Ti ìta ló tẹ̀ lé e: ohun tó jáde láti inú àkámọ́ ni a gbé sí pawà 3. x kì í dé ọ̀dọ̀ y láìgba inú àkámọ́ kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tíì ya inú sọ́tọ̀ kúrò lára ìta kò tíì bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ mọ òfin náà lórí.

Kẹ̀kẹ́ ológeere fi ìdí òfin yìí hàn. Ká ní irin tí pẹ́dà ń yí ní eyín 48, tí irin tó wà lára táyà ẹ̀yìn sì ní eyín 16. Bí a bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, ṣéènì á yí táyà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ká tún ní kẹ̀kẹ́ náà ń rin mítà 2 bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan. Mítà 6 ni a ó rìn fún yíyí pẹ́dà kan. Kò sẹ́ni tí yóò ro 3 pọ̀ mọ́ 2 kó ní mítà 5 ni, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí táyà yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní mítà méjì tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí òfin náà jẹ́ ìsọdipúpọ̀ nìyẹn. Bí a bá fi u dúró fún inú àkámọ́:

dy/dx = dy/du × du/dx

Àwọn olùkọ́ kan máa ń ní du méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Ó dára fún ìrántí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí.

Ibì kan wà tí kẹ̀kẹ́ kò bá ìṣirò dọ́gba. Eyín irin kì í yí padà bí a ti ń lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìyípadà nínú ìṣirò máa ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Nítorí náà, ibi tí u wà ni a ti ń ka ìwọ̀n ti ìta, kì í ṣe ibi tí x wà.

Ẹ jẹ́ ká fi x = 1 ṣe é. Inú àkámọ́ jẹ́ u = x² + 1, ìyẹn 2. Ìwọ̀n tirẹ̀ ni du/dx = 2x, tó jẹ́ 2 níbí. Ti ìta ni y = u³, ìwọ̀n rẹ̀ sì ni dy/du = 3u². Nítorí pé u jẹ́ 2, ó di 12. 12 lọ́nà 2 jẹ́ 24. Ẹni tó bá fi 1 sí ipò u yóò rí 3 dípò 12, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì di 6. Bí a kò bá fi nọ́ńbà kankan rọ́pò x, ìdáhùn ni 6x(x² + 1)².

Ẹ̀rọ ìṣirò lè jẹ́rìí sí i. Nígbà tí x jẹ́ 1, y jẹ́ 8. Bí x bá di 1.001, y á di nǹkan bíi 8.024036. Ó fi 0.024036 lé, bí a bá fi 0.001 pín in, ó jẹ́ 24.036, tó sún mọ́ 24 gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbàgbé ti inú, tó kọ 3(x² + 1)² nìkan, yóò rí 12. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù, kì í sì í fara hàn lójú ìwé: ìdáhùn náà dùn ún wò, ó kàn kéré ní ìlàjì ni.

Àṣìṣe kejì burú jù ú lọ, nítorí pé ó ń ba inú àkámọ́ jẹ́. Fún y = sin(x²), àwọn kan á kọ cos(2x). Wọ́n yí inú àti ìta padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ti ń wá ìwọ̀n ti ìta, inú gbọ́dọ̀ wà bó ti wà: cos(x²). Lẹ́yìn náà ni 2x wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìdáhùn fi jẹ́ 2x cos(x²). Kí a má sì fi èyí pe sin²x, tí sin ti wà nínú tí pawà sì wà níta. Ìdáhùn tirẹ̀ ni 2 sin x cos x.

Bí iṣẹ́ bá di mẹ́ta, bíi sin((x² + 1)³), ìwọ̀n mẹ́ta la ó sọ di púpọ̀. Láti ìta ni a ó ti máa wọlé:

cos((x² + 1)³) × 3(x² + 1)² × 2x

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ u sílẹ̀ lórí ìlà tirẹ̀ nínú gbogbo ìbéèrè, títí ojú rẹ̀ yóò fi máa rí i láìkọ ọ́.