Irin Ojú Fèrèsé Kò Mọ Olè Yàtọ̀ sí Onílé

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó wọ́pọ̀ ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta: yàrá kan àti pálọ̀, ilé ìdáná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, irin lójú gbogbo fèrèsé, géètì onírin níwájú ilẹ̀kùn. Tílẹ̀ bá ṣú, ìyá ilé á ti géètì ní àgádágodo, á sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀. Olè kò ní ríbi wọlé. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́ yọ ní ilé ìdáná lóru, àwọn tó ń sùn ní yàrá kò ní ríbi jáde, torí pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ní gba ẹ̀gbẹ́ iná náà kọjá.

Ohun tí mo bẹ̀ yín láti kọ́kọ́ wò nìyí: ibi tí iná ti lè ṣẹ́ yọ, ṣé ó wà láàárín ibùsùn yín àti ilẹ̀kùn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ nílò ọ̀nà kejì. Ẹ pe wẹ́ldà kó gé irin fèrèsé yàrá kan, kó fi ìdè àti àgádágodo sí i kó lè máa ṣí síta bí ilẹ̀kùn, kí àyè rẹ̀ sì gba ẹni tó sanra jù nínú ilé. Ẹ fi ìṣó kan kọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sára ògiri nínú yàrá, níbi tí ọwọ́ ẹni tó dúró níta kò ti lè dé, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ọmọ tó gbọ́n lè dé. Kọ́kọ́rọ́ géètì pàápàá, orí ìṣó tirẹ̀ ni kó máa wà ní gbogbo òru, kì í ṣe inú báàgì. Kí gbogbo ará ilé dán ṣíṣí méjèèjì wò nínú òkùnkùn, torí èéfín kì í jẹ́ kéèyàn ríran. Òkè ni èéfín gbígbóná máa ń lọ, nítorí náà, ẹ rákò jáde.

Ká wá sí ilé ìdáná. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń rìn lọ, kì í gba fèrèsé òkè jáde. Ìta ló yẹ kí sílíńdà wà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí rọ́bà rẹ̀ gba inú ògiri wọlé, kó má sì dí ọ̀nà àjáde. Bí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà, ẹ fi ọṣẹ tó hó pa ojú ìsopọ̀ rọ́bà. Bó bá ń yọ èéfó, ó ń jò. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì nínú ilé, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Ẹ pa ẹnu sílíńdà bí ọwọ́ bá tó o, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ jáde. Bí òróró bá gbiná nínú ìkòkò, ẹ má da omi sí i láéláé, torí ńṣe ni òróró á fọ́n iná káàkiri. Ẹ pa gáàsì bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ìdérí bò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tutù.

Ti iná mànàmáná ló máa ń bò wá lójú jù. Áńpù 13 ni púlọ́ọ̀gì ẹsitẹ́ńṣàn gbà. Bí iná bá pé fóltì 230, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí wátì 3000. Ẹ so kẹ́tùlù oníwátì 2000 mọ́ ọn, ẹ fi áyọ́ọ̀nù oníwátì 1200 kún un, fíríìjì kékeré sì jẹ 150. Ó ti di 3350, èyí tó lé ní áńpù 14. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé fíúsì yóò rò pé á já lójú ẹsẹ̀. Rárá o, ó lè gbé e fún wákàtí púpọ̀, nígbà tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsitẹ́ńṣàn olówó pọ́ọ́kú ń yọ́ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá sì ti fi wáyà lásán di ojú fíúsì, kò sí ohun tí yóò dá a dúró mọ́. Ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì: bó bá gbóná, tí ojú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti pọ́n, tàbí tó ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó, ẹ yọ ọ́, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù, ara ògiri ni kẹ́ ẹ ti máa lò wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ lásìkò tí ẹ ń lọ aṣọ, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí iná lè dé nígbà tí ẹ wà lọ́jà.

Bí iná bá ti kọjá agbára yín, ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín kí afẹ́fẹ́ má bàa bọ́ ọ, ẹ má padà lọ mú fóònù tàbí owó. Ìta ni kẹ́ ẹ ti pe àwọn panápaná, 112, tàbí 767 bó bá jẹ́ Èkó. Ẹ dárúkọ àdúgbò àti ibùdókọ̀ tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì sọ fún wọn bóyá èèyàn tàbí sílíńdà gáàsì ṣì wà nínú ilé náà.