Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Fídíò Omi Mímu Tí Tọmọdé-Tàgbà Yóò Lóye

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tí asọ̀tàn yóò máa sọ nínú fídíò kátúùnù nípa omi mímu, kó kọ́kọ́ ro òwe yìí dáadáa. Àwọn tí yóò wo fídíò náà kì í ṣe ojúgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà wà láàárín wọn, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá àgbà náà ò gbẹ́yìn. Àgbà ló lè gbé omi kaná, ọmọdé ò gbọdọ̀ sún mọ́ iná. Ṣùgbọ́n ọmọdé ló máa ń sáré ti ibi eré dé, tí á sì ki ọwọ́ bọ inú omi. Bí fídíò bá bá àgbà nìkan sọ̀rọ̀, ọmọ á ba iṣẹ́ àgbà jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, ẹ fún oníkálukú ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ká.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Fídíò ìṣẹ́jú méjì ò lè gba ọ̀rọ̀ kànga, kílórìnì, píọ̀ wọ́tà àti ṣáláńgá pọ̀. Ẹ mú ẹyọ kan. Èyí tí èmi yóò mú ni omi tí a ti sè tán, tó tún wá bàjẹ́ nínú ilé, nítorí ibẹ̀ ni làálàá ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣòfò. Ìran mẹ́ta tó fún un.

Ìran kìíní ni ti omi tó mọ́ gaara. Ìyá Àgbà fa omi nínú kànga, omi náà ń dán nínú garawa. Ibí yìí ni ayàwòrán ti sábà máa ń ya kòkòrò àrùn tó lójú pọ́n-ún, tó léyín ṣóńṣó, tó ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri. Ọmọ tó bá rí i á lọ yẹ ife tirẹ̀ wò. Kò ní rí ohunkóhun tó léyín níbẹ̀, á sì gbé e mu. Ẹ jẹ́ kí omi inú àwòrán mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí asọ̀tàn sì sọ pé: “Ojú ò lè rí wọn. Ìgbẹ́ ló gbé wọn dé inú omi.” Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ pa mọ́. Láti inú ìgbẹ́ ẹni tó ní onígbáméjì tàbí táífọ́ọ̀dù ni kòkòrò náà ti ń jáde. Ṣáláńgá tó sún mọ́ kànga jù tàbí àgbàrá òjò ló ń gbé e wọnú omi.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí òǹkọ̀wé mọ̀, bí kò tilẹ̀ ní fi í sínú fídíò. Ní ọdún 1854, onígbáméjì jà ní àdúgbò Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow tọpasẹ̀ àrùn náà dé orí omi ẹ̀rọ kan ní òpópónà Broad. Opó kan wà tó ń gbé ní Hampstead, tó jìnnà síbẹ̀, àmọ́ tó máa ń ní kí wọ́n bá òun gbé omi yẹn wá nítorí pé ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Omi tó dùn yẹn ló pa á. Bí ojú ò ṣe lè rí kòkòrò yìí ni ẹnu náà ò lè tọ́ ọ wò. Álọ́ọ̀mù tí a ń dà sínú omi kànga ò sì yanjú rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ sọ̀ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì gbọ́dọ̀ se omi náà.

Ìran kejì ni sísè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò tíì tó, ooru tó ń rú lójú ìkòkò náà kì í ṣe àmì. Àmì ni kí omi máa hó, kó máa ru láti ìsàlẹ̀ ìkòkò wá sókè láìdáwọ́ dúró. Láti ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú kan péré ti tó. Kì í ṣe gbogbo ilé ìdáná ló ní aago, nítorí náà ẹ fi ọmọ kan sí ẹnu ọ̀nà, kó jìnnà sí iná, kó máa kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti orí oókan dé ọgọ́ta. Ẹ má jẹ́ kó ka gbogbo rẹ̀ nínú fídíò, ìdajì àkókò yín á ti lọ. Ẹ jẹ́ kó ka mẹ́ta àkọ́kọ́, kí àwòrán fò síwájú, kó wá parí rẹ̀ sí ọgọ́ta.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà yóò sọ ìkòkò kalẹ̀, tí yóò fi ọmọrí dé e, tí omi yóò tutù nínú ìkòkò kan náà. Asọ̀tàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ketekete pé a kì í bu omi kànga lé e kó lè tètè tutù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti dá kòkòrò padà sínú rẹ̀. Kí asọ̀tàn sì fi gbólóhùn kan kìlọ̀ pé omi tó bá ń rùn bí epo pẹtiróòlù, sísè ò lè tún un ṣe, omi mìíràn ni kí a wá.

Ìran kẹta ni kókó fídíò náà. Ẹnu akèrègbè há, ọwọ́ àgbà ò wọ̀ ọ́, ohun tó sì jẹ́ kó dára fún omi mímu nìyẹn. Dídà là ń da omi inú rẹ̀, a kì í ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró tàbí ike tó ní ẹnu ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bí a bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí a sì ń dé e. Èyí tó ti gba kẹrosíìnì tàbí oògùn kòkòrò rí ò yẹ fún un. Ilé tó jẹ́ àmù tàbí dírọ́ọ̀mù ló ní, kó fi ife kan tí ọwọ́ rẹ̀ gùn sọ́tọ̀ fún bíbu omi, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu kàn án. Ọ̀rọ̀ ìran náà lè lọ báyìí:

Ọmọ: Ìyá Àgbà, òǹgbẹ ń gbẹ mí o!

Ìyá Àgbà: Rọra, ọmọ mi. Ọwọ́ tó mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀ ò gbọdọ̀ wọnú omi.

Asọ̀tàn: Omi yìí ti hó. Ìyá Àgbà ti dé e. Ọwọ́ ẹnì kan péré ti tó láti bà á jẹ́.

Ọmọ: Mo ti fọwọ́, Ìyá Àgbà. Ẹ wò ó, ife ìbumi ni mo fi ń bù ú sínú ife mi.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: Ìyá Àgbà dá ọmọ dúró kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan omi, kò sì lù ú. Ohun tí ọmọdé bá rí ló máa ń ṣe, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwòrán pẹ́ lórí àṣìṣe. Ibi tí ọmọ ti ṣe é dáadáa ni kó pẹ́ sí.

Kí ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Bó bá di dandan kí ẹ sáré kí ìṣẹ́jú méjì má baà kọjá, ẹ gé e kúrú. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á fún ọmọdé kan àti àgbà kan. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ni àwọn méjèèjì á sọ. Ẹ gbé àmù, ife ìbumi àti ife ìmumi kalẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ bu omi mu. Ẹ bi àgbà ìgbà tí yóò sọ ìkòkò kalẹ̀. Bí ọmọ bá ki ife tó fẹ́ fi mu omi bọ inú àmù, ìran kẹta ló ṣì kù káàtó. Bí àgbà bá ní ìgbà tí ooru bá ti ń rú ni, ẹ padà sí ìran kejì. Ẹ tún un kọ, kí ẹ sì tún pe àwọn mìíràn tí kò tíì gbọ́ ọ rí.