Rọra Pa Omi Yẹn Dé

Àbúrò mi, jẹ́ kí n sọ ọ́ sí ọ létí kí pùlọ́ńbà tó tún gbowó míì lọ́wọ́ rẹ. Ìró "gbàà!" tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá pa omi pọ́ńdù ẹja dé, ọwọ́ rẹ̀ tó yá jù ló ń fà á.

Wò ó. Táǹkì rẹ fi nǹkan bí 20 mítà ga ju pọ́ńdù lọ, páìpù rọ́bà 75 mílímítà tó so wọ́n pọ̀ sì gùn tó 600 mítà. Omi inú rẹ̀ nìkan wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ, ó sì ń sáré ní mítà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ iṣẹ́ wá yí ọwọ́ bọ́ọ̀lù fáàfù lẹ́ẹ̀kan náà. Omi iwájú dúró, tẹ̀yìn kò tíì gbọ́. Wọ́n á máa rọ́ lu ara wọn bí èrò inú dánfó tí dẹ́rẹ́bà tẹ búréèkì lójijì, títí ìgbì ìkọlù yẹn á fi dé táǹkì, tí á sì padà. Nínú irú páìpù rọ́bà yìí, ìgbì lè rìn tó 400 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá pa fáàfù dé kí mẹ́ta yẹn tó pé, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe é ní wàrà. Ẹni tó lo méjì sì gbà pé òun ti rọra!

Joukowsky ará Rọ́ṣíà ti fi páìpù omi ìlú Mọ́síkò yẹ èyí wò ní nǹkan bí 1898. Fi eré omi sọ eré ìgbì di púpọ̀, kí o pín in sí 100: 1.5 lọ́nà 400 jẹ́ 600, ìyẹn báà 6. Fi báà 2 tó wá láti gíga táǹkì kún un, ó lè tó 8. Lọ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páìpù rẹ. Bó bá jẹ́ PN6, báà 6 ló lè gbà láìséwu, o ti rí ìdí tó fi ń là. Bí ìgbì náà bá tún yí padà, fífà ló máa ń fà, ojú ìsopọ̀ tó ń jò á sì fa ẹrẹ̀ wọlé.

Yọ bọ́ọ̀lù fáàfù, fi géètì fáàfù olóríyíyí sí i. Àṣírí ibẹ̀ nìyí o: nínú páìpù gígùn, bó o bá ti pa á dé ìdajì, omi kò tíì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ìparí ló ń gé e. Tètè yí ìbẹ̀rẹ̀ bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n fi bí ìdajì ìṣẹ́jú yí ìwọ̀nba tó kẹ́yìn.

Bí pùlọ́ńbà bá sì ri páìpù olórí dídì dúró lẹ́bàá fáàfù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gba ìkọlù náà. Omi máa ń jẹ afẹ́fẹ́ yẹn tán díẹ̀díẹ̀. Bí "gbàà" bá tún padà, ti omi láti ọ̀dọ̀ táǹkì, da ti inú rẹ̀ nù, kí afẹ́fẹ́ tún wọlé.