Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Ọlá Tó Ń Kọ Ìwé Ìwáṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ọlá àti gbogbo agbègbè Èjìgbò, ẹ ń kó ìwé ìwáṣẹ́ wá kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, orí gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Ẹ ó ní ẹ ní ìtara, ẹ ó ní iṣẹ́ yín máa ń so èso, ẹ ó ní ẹ mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣe pọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún yín lẹ́yọ lẹ́yọ nìyí.

1. Ẹ kọ́kọ́ dán gbólóhùn náà wò. Ta ló jẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ pé ọ̀lẹ ni òun, tàbí pé òun kì í bá èèyàn ṣe? Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kọ òdì rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan nípa yín. Ẹ sì fi orúkọ ọmọ kíláàsì yín rọ́pò tiyín. Bó bá bá a mu rẹ́gí, ẹ pa gbólóhùn náà rẹ́. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrùn ilẹ̀ wa nìkan. Lọ́dún 2010, iléeṣẹ́ LinkedIn to ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò jù nípa ara wọn jọ, ti èso iṣẹ́ àti ti ẹgbẹ́ wà níbẹ̀.

2. Ẹ yéé fi ohun tó ṣọ̀wọ́n pamọ́. Èyí ló ń dùn mí jù. Láti ayé àwọn amúnisìn ni àwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn, síbẹ̀ ọmọ tó tibẹ̀ dé á ka ọdún tó lò níbẹ̀ sí ìrìn-àjò lásán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wá iṣẹ́ alátajà ní Òṣogbo. Ìtara kún ìwé rẹ̀ dẹ́nu. Mo bi í pé kí ló ti ń ṣe láti ìgbà tó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní òun kàn wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni. Ọjà wo? Àjàmé, ní Àbíjàn. Kí lẹ ń tà? Bàtà. Fún ìgbà wo? Ọdún 4. Èdè wo lẹ fi ń ná ọjà? Faransé, àti Júlà. Àwìn ńkọ́? Ó ní orí ni ẹ̀gbọ́n òun fi ń mọ gbèsè tẹ́lẹ̀, òun lòun ra ìwé tí òun ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye sí. Mo ní kó gbé bírò. Ohun tó kọ nìyí:

"Mo ta bàtà fún ọdún 4 ní ọjà Àjàmé, ní Àbíjàn. Mo ń ná ọjà ní Faransé, Júlà àti Yorùbá. Èmi ni mo ń dá ìsọ̀ ṣọ́ nígbà tí ọ̀gá mi bá lọ kó ọjà. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé àwìn fún oníbàárà 30. Nígbà tí ọdún parí, àwọn 2 péré ló ṣì jẹ wá lówó."

Ẹ tún un kà. Ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ti rí ohun tó máa bi í léèrè.

3. Lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ẹ ya tiyín sọ́tọ̀. Ọmọ kan tó ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Èjìgbò kọ ọ́ pé "a dá oko àgbàdo". Ta ni "a"? Àwọn 6 ni, òun ló ń pín ajílẹ̀ tó sì ń kọ iye àpò tó kù sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ni kó kọ. Bí ìjà bá sì ti ṣẹlẹ̀ láàárín yín tí ẹ parí ẹ̀, ẹ pa á mọ́ de ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, torí wọ́n á bi yín.

4. Ẹ má ṣi èyí lóye o: bí ìpolówó iṣẹ́ bá dárúkọ ìmọ̀ kan, bíi Excel, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n, orúkọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá míì máa ń fi kọ̀ǹpútà wá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kí èèyàn tó kà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwà ni ìpolówó náà béèrè, ohun tí ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ fi dáhùn.

5. Ẹni tí kò ní iye kó má ṣe hùmọ̀ iye. Ìbéèrè kejì ni àṣírí á ti tú. "Mo ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́rọ màmá mi, mo sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lálẹ́" ti tó, kò nílò nọ́ńbà.

6. Ẹ wá ẹni tó lè jẹ́rìí, ẹ sì kọ́kọ́ pè é kẹ́ ẹ tó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Àbíjàn ni, ọmọ Yorùbá tó wà nínú ọjà kan náà ni kẹ́ ẹ mú. Bí ọ̀gá ará Òṣogbo bá pe onílé ìsọ̀ yín tó gbọ́ "allô", ó ṣeé ṣe kó já fóònù.